Ta ni ká kọ́kọ́ pè? Bí a ṣe ń ka ìwé ọjọ́ orí gbèsè

Ìwé ọjọ́ orí gbèsè ni ìwé tó ń kó gbogbo ínfọ́ísì tí àwọn oníbàárà kò tíì san jọ, tó sì ń pín wọn sí òpó òpó gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe pẹ́ tó nílẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ jáde láti mọ ẹni tí yóò pè sábà máa ń ṣe ọ̀kan nínú nǹkan méjì. Yálà kí ojú rẹ̀ sáré lọ sí òpó tó gbẹ̀yìn lápá ọ̀tún, níbi tí àwọn àgbà gbèsè wà, kó sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, tàbí kó wá ẹni tí àpapọ̀ gbèsè rẹ̀ pọ̀ jù, kó kọ́kọ́ pe onítọ̀hún. Méjèèjì lè jẹ òwúrọ̀ ọjọ́ kan tán láìmú owó kankan wọlé. Gbèsè tó ti dàgbà jù, nǹkan kan ló há a síbẹ̀, ìpè lásán kì í sì í tú u. Ẹni tó sì jẹ wá jù, lọ́pọ̀ ìgbà, òun náà ló ń rajà jù, tó sì ń san án bó ṣe máa ń san án. Owó tí ìpè ẹyọ kan lónìí lè gbà là sábà máa ń wà láàárín ìwé, níbi tí ojú kì í tètè dé.

Nítorí náà, ìbéèrè tí a ó máa bi ìwé yìí kì í ṣe "ta ló jẹ wá pẹ́ jù?" Ohun tí a ó bi í ni pé: gbèsè wo ni yóò burú sí i bí a kò bá ṣe nǹkan kan sí i ní ọ̀sẹ̀ yìí?

## Kọ́kọ́ mọ ọjọ́ tí ìwé náà fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò

Lójú kọ̀ǹpútà, òpó márùn-ún ló sábà máa ń wà: `Current`, `1-30`, `31-60`, `61-90` àti `>90`, kí àpapọ̀ tó wà ní ìparí. `Current` ni owó tí ọjọ́ ìsanwó rẹ̀ kò tíì pé. Mẹ́rin yòókù ń sọ iye ọjọ́ tó ti kọjá. Ọjọ́ tó kọjá láti ìgbà wo, ìyẹn ni ìwé náà kì í pariwo. Àwọn kan máa ń kà láti ọjọ́ tí a kọ ínfọ́ísì, àwọn mìíràn láti ọjọ́ tó yẹ kí oníbàárà san án.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ká ní a fún oníbàárà kan ní 60 ọjọ́ láti sanwó, ínfọ́ísì rẹ̀ sì ti lo 45 ọjọ́. Bí ìwé bá ń kà láti ọjọ́ tí a kọ ínfọ́ísì, inú òpó `31-60` ni a ó bá a, bí ẹni pé ó ti ń sá fún wa, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 15 gbáko ló ṣẹ́kù fún un. Bí o bá pè é láti sin ín lówó, o ti ṣẹ ẹni tí kò ṣẹ̀ ọ́. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ tún lè ṣe òdìkejì rẹ̀: ẹni tí a fún ní ọjọ́ 7 péré, tó sì ti lo 28, yóò jókòó pẹ̀sẹ̀ sínú òpó tó kéré jù, kò sì sí ẹni tí yóò kíyè sí i.

Bí o ṣe máa mọ èyí tí tìrẹ ń lò rọrùn. Mú ínfọ́ísì kan tó wà láàárín ìwé, ṣí i, wo ọjọ́ tí a kọ ọ́ àti ọjọ́ ìsanwó rẹ̀, kí o ka ọjọ́ méjèèjì dé ọjọ́ tí wọ́n kọ sókè ìwé náà. Èyí tó bá bá òpó rẹ̀ mu ni ìwé náà ń lò. Bí o bá lè yí i padà, yàn án pé kó máa kà láti ọjọ́ ìsanwó. Bí kò bá ṣeé yí, kó gbogbo ínfọ́ísì náà sínú Excel, fi ọjọ́ ìwé sí B1, kí ọjọ́ ìsanwó wà nínú òpó D láti ìlà 5 lọ sísàlẹ̀, kí o kọ èyí sí iwájú ínfọ́ísì tó wà ní ìlà 5, kí o sì fà á dé iwájú àwọn yòókù:

```
=MAX(0,$B$1-D5)
```

Iye ọjọ́ tó fi pẹ́ ni yóò jáde. Òdo túmọ̀ sí pé kò tíì pẹ́. Nọ́ńbà yìí gan-an wúlò ju òpó lọ, nítorí òpó `61-90` kì í fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ẹni tó pẹ́ ní ọjọ́ 62 àti ẹni tó ku ọ̀la kó bọ́ sínú èyí tó kàn.

## Fọ ìwé náà kó tó di pé o gbà á gbọ́

Rí i dájú pé gbogbo owó tó wọ báńkì títí dé àná ni a ti kọ sílẹ̀. Ìwé tí a tẹ̀ jáde kí a tó ṣe èyí yóò rán ọ sí ẹni tó ti sanwó. Lẹ́yìn náà, fi àpapọ̀ ìsàlẹ̀ ìwé wé iye tó wà lórúkọ àwọn onígbèsè nínú lẹ́jà. Ó yẹ kí méjèèjì bára mu láìyẹ̀. Bí wọn kò bá bára mu, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti kọ nǹkan sínú lẹ́jà láìgbà á gba orúkọ oníbàárà, ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ kò sì tíì pé.

Wàyí o, wá àwọn nọ́ńbà tó ní àmì ìyọkúrò níwájú. Owó tí oníbàárà san tí a kò tíì so mọ́ ínfọ́ísì kankan ni púpọ̀ nínú wọn. Ó san án, ó wọ báńkì, a kọ ọ́ sí orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún kọ̀ǹpútà pé ínfọ́ísì báyìí ló san. Ínfọ́ísì náà yóò máa dàgbà lọ nínú òpó kan, owó rẹ̀ yóò sì jókòó nínú òpó mìíràn. Àwọn yòókù lè jẹ́ ìwé àdínkù tí a kọ nígbà tí oníbàárà dá ọjà padà, tí a kò tíì yọ kúrò lára ínfọ́ísì tó tọ́ sí. Ọ̀nà kan náà ni a ń gbà tún méjèèjì ṣe: so wọ́n mọ́ ibi tó yẹ kó tó di pé o gbé fóònù.

Ibi tó gba sùúrù jù ni ọ̀nà tí a gbà so owó mọ́ ínfọ́ísì, nítorí kò ní àmì ìyọkúrò tí yóò tú u fó. Bí oníbàárà bá sanwó láìsọ èyí tó ń san, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìṣirò owó máa ń fi pa èyí tó dàgbà jù rẹ́. Ká ní oníbàárà náà kọ̀ láti san ínfọ́ísì kan nítorí ọjà tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó ń san gbogbo ìyókù. Ẹ̀rọ yóò fi owó tuntun pa èyí tó kọ̀ rẹ́, àìpé yóò sì ṣí lọ sórí ínfọ́ísì tó tẹ̀ lé e. Lóṣù tó kàn, yóò tún ṣí lọ síwájú. Gbèsè àgbà kò ní sí lórúkọ rẹ̀ rárá, awuyewuye tó ti lo oṣù mẹ́jọ yóò sì dà bí ọmọ àná. Àmì tí a fi ń mọ̀ ni pé iye kan náà, tàbí iye tó sún mọ́ ọn, ló máa ń kù nínú `1-30` oníbàárà yẹn lóṣooṣù, bó ti wù kó sanwó tó.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Akọ̀wé rí owó kan tó bá ínfọ́ísì tuntun mu rẹ́gí, ó so ó mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ èyí tó ti pẹ́ ni oníbàárà ní lọ́kàn. Ínfọ́ísì àtijọ́ náà yóò wá kù síbẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń jà lé e lórí. Ìwé àlàyé ìsanwó tí oníbàárà fi ránṣẹ́ nìkan ló lè là á. Bí kò bá sí, bi í léèrè.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ kí ojú rẹ là sí. Ẹlòmíràn máa ń pa ínfọ́ísì àtijọ́ rẹ́, á tún un kọ pẹ̀lú ọjọ́ òní, gbèsè arúgbó á sì di ìkókó. Nígbà mìíràn ìdí tó dáa wà fún un, bí i kí orúkọ tó wà lórí ti àkọ́kọ́ má tọ̀nà. Nígbà mìíràn ẹni tó ta ọjà ni kò fẹ́ kí ọ̀gá rí i. Gbé ìwé oṣù tó kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oṣù yìí: bí òpó `>90` oníbàárà kan bá ṣófo lójijì, tí àpapọ̀ gbèsè rẹ̀ kò sì dín kù, béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

## Ìwé kan, oníbàárà mẹ́fà

Ìwé tó wà nísàlẹ̀ yìí ni a ó fi ṣe iṣẹ́. Ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ni a tẹ̀ ẹ́ jáde, 30 ọjọ́ ni a fún gbogbo oníbàárà láti sanwó, láti ọjọ́ ìsanwó sì ni ìwé náà ń kà.

| Oníbàárà | Current | 1-30 | 31-60 | 61-90 | >90 | Àpapọ̀ |
|---|---|---|---|---|---|---|
| A | 900,000 | 350,000 | 0 | 0 | 0 | 1,250,000 |
| B | 0 | 0 | 180,000 | 440,000 | 0 | 620,000 |
| D | 210,000 | 0 | 0 | 0 | 170,000 | 380,000 |
| F | 260,000 | 150,000 | 130,000 | 0 | 0 | 540,000 |
| G | -240,000 | 0 | 245,000 | 0 | 0 | 5,000 |
| K | 0 | 0 | 0 | 0 | 65,000 | 65,000 |
| Gbogbo rẹ̀ | 1,130,000 | 500,000 | 555,000 | 440,000 | 235,000 | 2,860,000 |

Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òpó tó gbẹ̀yìn yóò pe D àti K nítorí 235,000. Ẹni tó bá ń wá ẹni tó jẹ gbèsè jù yóò pe A. Méjèèjì ti pàdánù ọ̀nà.

G ni ká kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Ó san 240,000 láìpẹ́, owó náà jókòó sínú `Current` pẹ̀lú àmì ìyọkúrò, ínfọ́ísì 245,000 tó fẹ́ san sì ń dàgbà nínú `31-60`. Ìyàtọ̀ 5,000 náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ owó iṣẹ́ tí báńkì yọ lójú ọ̀nà. Nígbà tí a bá so owó náà mọ́ ínfọ́ísì rẹ̀, `31-60` yóò bọ́ láti 555,000 sí 315,000, `Current` yóò sì gòkè sí 1,370,000. Gbogbo owó tó ti kọjá ọjọ́ ìsanwó jẹ́ 1,730,000 kí a tó fọ ìwé. Ní báyìí ó di 1,490,000. Àpapọ̀ gbogbo gbèsè kò yí padà rárá, èyí tó fi hàn pé wíwo àpapọ̀ nìkan kò lè sọ fún ọ pé ìwé náà dọ̀tí.

Wo B. Ojú lè fò ó, nítorí òpó tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó dẹ́rù bani níbẹ̀ ni àwọn òdo tó wà lápá òsì. Kò sí nǹkan nínú `Current`, kò sí nínú `1-30`. Bí a bá ṣí àwọn ínfọ́ísì rẹ̀, méjì péré ló wà: 440,000 tó yẹ kó san ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, àti 180,000 tó yẹ kó san ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún. Àkọ́kọ́ ti pẹ́ ní ọjọ́ 86, ìkejì ní ọjọ́ 51. Nígbà tó jẹ́ pé 30 ọjọ́ la fún un, ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ló rajà kẹ́yìn, ọjọ́ 81 sẹ́yìn. B ti dá rírà dúró. Ẹni tó ṣì ń rajà lọ́wọ́ wa ní ohun tó fẹ́ gbà, a sì lè sọ pé kó san ti àtẹ̀yìnwá ká tó kó tuntun fún un. Ẹni tó ti dá rírà dúró kò ní ìdí láti bẹ̀rù wa. Bóyá ó ti ń fi owó sán-án-sán rajà níbòmíràn, bóyá iṣẹ́ ló ti ń wọlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá ń dín iye tí a lè rí gbà kù. Ní ọjọ́ 5 oṣù tó ń bọ̀, 440,000 náà yóò wọ ọjọ́ 91, yóò sì bọ́ sínú òpó tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ya owó sọ́tọ̀ pé ó lè má wọlé mọ́.

F jọ ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Gbèsè rẹ̀ tó dàgbà jù kò ju 130,000 lọ, ọjọ́ 41 ló sì fi pẹ́. Ka ìlà rẹ̀ láti ọ̀tún wá sí òsì, ìyẹn láti èyí tó dàgbà sí èyí tó kéré: 130,000, lẹ́yìn náà 150,000, lẹ́yìn náà 260,000. Rírà rẹ̀ ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ kò tíì san ẹyọ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ká ní 500,000 ni òdiwọ̀n àwìn tí a gbà fún un, ó ti fi 40,000 kọjá rẹ̀, kò sì sí ẹni tó dá a dúró. Ti B, àdánù tó ti wà nílẹ̀ ni a ń gbìyànjú láti dín kù. Ti F, ọwọ́ ara wa ni a fi ń bu kún un.

Ìlà D ń sọ ìtàn mìíràn. Gbogbo òpó àárín ṣófo, ó sì ṣì ń rajà: 210,000 tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé ń bẹ nílẹ̀. Ínfọ́ísì ẹyọ kan, 170,000, ló dá wà ní ọjọ́ 107. Ẹni tó ń san gbogbo ìyókù tó sì fi ọ̀kan sílẹ̀ kì í ṣe aláìlówó. Nǹkan kan ló bá ínfọ́ísì yẹn jà: ọjà kò pé, iye owó kò bá àdéhùn mu, a kò kọ nọ́ńbà ìwé tí wọ́n fi pàṣẹ ọjà sórí rẹ̀, tàbí wọn kò tilẹ̀ rí i gbà. Tàbí kẹ̀, àwa ni a so owó rẹ̀ mọ́ ibi tí kò yẹ. Bí o bá fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí D lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò sí èyí tí yóò yanjú ọ̀kankan nínú àwọn wọ̀nyí.

A ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dà láàmú lásán. 350,000 rẹ̀ pẹ́ ní ọjọ́ 15. Ká ní ínfọ́ísì mẹ́fà tó san kẹ́yìn, láàárín ọjọ́ 12 sí 20 lẹ́yìn ọjọ́ ìsanwó ló san gbogbo wọn. Nígbà náà, ọjọ́ 15 kì í ṣe ìròyìn, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ọjọ́ 21, ìyẹn ọjọ́ 6 oṣù keje, ni yóò di ìròyìn, ọjọ́ yẹn sì ni kí o kọ sílẹ̀ láti pè é. Bí a bá fẹ́ kí A máa san lásìkò, ọ̀rọ̀ àdéhùn ni ìyẹn, kí ọ̀gá méjì jókòó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n 900,000 tó wà nínú `Current` A yàtọ̀. Òun ni owó tó pọ̀ jù nínú gbogbo ìwé yìí, ó sì yẹ kí ẹnì kan pe ọ́fíìsì ìsanwó wọn kí ọjọ́ tó pé, kó béèrè bóyá ínfọ́ísì náà ti dé ọwọ́ wọn, tí ẹni tó yẹ sì ti bu ọwọ́ lù ú. Bí àṣìṣe bá wà lórí rẹ̀, àyè ṣì wà láti tún un ṣe. Bí a kò bá béèrè, ọjọ́ kan lẹ́yìn ọjọ́ ìsanwó ni a ó tó gbọ́.

K jẹ ínfọ́ísì kéékèèké mẹ́sàn-án, gbogbo rẹ̀ 65,000. Kó ẹ̀dà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pọ̀ mọ́ lẹ́tà kan, fi ránṣẹ́, kí o sì fún un ní ọjọ́ 14. Wákàtí tí o bá lò lórí fóònù pẹ̀lú K, lára wákàtí B ni o ti gé e.

## Bí ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìpè ṣe máa rí

B ni àkọ́kọ́, F ìkejì, D ìkẹta, lẹ́yìn náà ìpè kúkúrú sí A lórí 900,000, lẹ́tà K gbẹ̀yìn. B àti F jọ di 900,000 mú nínú 1,490,000 tó ti kọjá ọjọ́, ó lé díẹ̀ ní ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún. Òpó `>90` tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ìbá kọ́kọ́ sáré lọ kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà.

Ohun kan lè yí àtòjọ yìí padà. Bí ọjà F bá ti wà nílẹ̀ tí wọn fẹ́ kó o jáde lónìí, F ṣíwájú B. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì pẹ̀lú ẹni tó ń bójú tó ilé ọjà ló máa ná wa láti dá a dúró, èyí tí a bá sì ti kó lọ kò ṣeé dá padà mọ́. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ta ọjà fún F kí ẹ tó pe F, kó má lọ jẹ́ pé ẹnu oníbàárà ló ti máa gbọ́ ọ.

Ìpè kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń wá. Lọ́dọ̀ B, ọjọ́ àti iye ni a ń wá, kì í ṣe ìlérí gbọọrọ. "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Lórí ínfọ́ísì 440,000 tó yẹ kí ẹ san ní oṣù kẹrin ni mo ṣe pè yín. Ọjọ́ wo ni owó náà máa kúrò lọ́dọ̀ yín, ṣé odindi rẹ̀ ni àbí apá kan?" Lẹ́yìn ìbéèrè yìí, dákẹ́. Bí ó bá sọ pé "a máa rí i ṣe," kò tíì sọ nǹkan kan, tún béèrè ọjọ́. Bí kò bá lè san lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbà lórí ìdá mẹ́ta tàbí mẹ́rin pẹ̀lú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí o fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ yẹn gan-an láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò wúlò bí ọ̀rọ̀ bá di ti agbẹjọ́rò, nítorí ó ti gbà lákọsílẹ̀ pé òun jẹ ẹ́.

Lọ́dọ̀ F, ohun tí a ń sọ ni pé kó san 130,000 kí ọjà tó kàn tó jáde, kí 150,000 sì tẹ̀ lé e lọ́jọ́ tí a bá jọ dá. Lọ́dọ̀ D, má ṣe mẹ́nu kan pípẹ́ rárá. Ka nọ́ńbà ínfọ́ísì náà, kí o béèrè ohun tó dì í lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà ìwé àṣẹ ọjà ni kò sí lórí rẹ̀, fi kún un kí o tún un fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Bó bá jẹ́ ọjà ni kò pé, ẹni tó wà ní ilé ọjà ló ni iṣẹ́ náà, fún un lọ́jọ́ tí ìdáhùn gbọ́dọ̀ dé.

## Òpó tí kọ̀ǹpútà kì í fún wa

Ìwé ọjọ́ orí gbèsè mọ ọjọ́ àti iye, kò mọ ìdí. Fi òpó mẹ́ta kún un fúnra rẹ: ìdí tí owó náà fi dúró, ohun tí wọ́n ṣèlérí pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, àti orúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú iléeṣẹ́ wa. Má fi ọ̀rọ̀ jàn-ànràn kún òpó ìdí. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó: kò lówó, awuyewuye, àṣìṣe wa, àṣà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń yan iṣẹ́ tó kàn. Ẹni tí kò lówó, ètò ìsan díẹ̀díẹ̀ àti ìdádúró ọjà ló tọ́ sí i. Awuyewuye, ẹni tó lè dá a lóhùn. Àṣìṣe wa, àtúnṣe lónìí. Àṣà rẹ̀, ọjọ́ tí àṣà náà máa yẹ̀ ni ká máa ṣọ́.

Ìlérí tí a kò mú ṣẹ ṣe pàtàkì ju ọjọ́ orí lọ. Gbèsè ọjọ́ 35 tí wọ́n ti dá ọjọ́ fún lẹ́ẹ̀mejì tí wọn kò sì san burú ju ti ọjọ́ 70 tí wọ́n ń san díẹ̀díẹ̀ bí a ṣe dá a. Nítorí náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì sí ọjọ́ ìlérí kọ̀ọ̀kan, kọ́kọ́ wo báńkì. Bí owó kò bá wọlé, orúkọ yẹn ló gba ipò àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ọ̀gá tirẹ̀ ni kí o sì béèrè, kì í ṣe akọ̀wé tó ṣèlérí tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ 7 oṣù keje, tẹ ìwé náà jáde padà, kí o sì wo ìlà mẹ́ta. Bí 440,000 ti B bá wà nínú `>90` pẹ̀lú ọjọ́ 93, tí kò sì sí ọjọ́ ìlérí kankan lákọsílẹ̀, lẹ́tà tó ní ọjọ́ ìkẹyìn ló kàn. Bí 130,000 ti F bá ṣì wà níbẹ̀, wo `Current` rẹ̀: bó bá ju 260,000 lọ, ẹnì kan ti kó ọjà fún un lẹ́yìn tí a ní kí wọ́n dá a dúró, inú ilé wa sì ni kí o ti kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀. Ní ti 5,000 G, so ìwé báńkì tó fi owó iṣẹ́ náà hàn mọ́ ọn kí a pa á rẹ́, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ẹlòmíràn ni yóò bu ọwọ́ lù ú, kì í ṣe ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà.